Ojú Aṣọ, Òdì Aṣọ: Bí A Ṣe Ń Dá Àdìrẹ Àfọwọ́ṣe Mọ̀ Nínú Fọ́tò

Ọ̀pọ̀ nínú àdìrẹ tí wọ́n ń tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lóde òní ni olùrà kì í fọwọ́ kàn kí ó tó sanwó. Aláṣọ yóò na aṣọ sórí tábìlì ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Balógun, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tí ó wà ní Ìkòròdú, ní Ìlọrin tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni náà yóò rí òrùka funfun lójú aró dúdú, yóò sì gbà pé àdìrẹ ni. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó tẹ òrùka náà sára aṣọ, tí ẹnikẹ́ni kò so ìko kankan mọ́ ọn rí.

Iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe ní Erékùṣù Èkó, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n ra aṣọ kan tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. N kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀, n kì í sì í kọ́kọ́ wo ẹwà àwòrán. Etí ni mò ń wò, lẹ́yìn náà mo ń wo òdì. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Orúkọ aṣọ náà ni ẹ̀rí àkọ́kọ́

Ohun tí a dì, tí a sì rẹ, ni à ń pè ní àdìrẹ. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kejì yẹn sọ́kàn. Odindi aṣọ ni aláró ń rì bọ inú ìkòkò aró, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Aró yóò wọ ojú, yóò wọ òdì, yóò wọ etí, yóò sì wọ inú òwú kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a bá so tàbí tí a bá fi nǹkan bò nìkan ni kò ní rí aró mu.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ jù, aṣọ funfun a máa sáré kọjá lábẹ́ agolo gbọọrọ kan tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára. Àwọ̀ tí ó ki bí ẹ̀kọ yóò gba inú ihò náà jáde, yóò sì balẹ̀ sí ojú aṣọ. Bí agolo bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan, àwòrán yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ yìí ojú nìkan ni ó bà lé. Ìwọ̀nba tí ó bá rìn wọlé ni òdì yóò rí.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ látìsinsìnyí, inú ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó ti jáde: aṣọ tí a rẹ, àti aṣọ tí a tẹ àwọ̀ lé lójú.

Ẹ jẹ́ kí n mú èrò kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan rò pé bí aró inú aṣọ kò bá ti jẹ́ ti ewé ẹ̀lú, aṣọ náà kì í ṣe àfọwọ́ṣe mọ́. Àríyànjiyàn lórí aró òyìnbó àti sóódà ti dá wàhálà sílẹ̀ láàrin àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Aláké láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí ààfin fẹ́ kí wọ́n dẹ́kun lílò wọn. Síbẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ dì, tí wọ́n sì fi ọwọ́ rẹ nínú aró òyìnbó, àdìrẹ náà ni. Fọ́tò kò lè sọ irú aró tí wọ́n lò fún wa. Bí aró ṣe wọ inú aṣọ ni ó lè sọ.

Òdì aṣọ kì í sọ ohun kan náà fún gbogbo àdìrẹ

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kí a yí aṣọ padà. Bí òdì bá funfun, ẹ̀rọ ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Kí a tó lè ka òdì, a gbọ́dọ̀ mọ irú àdìrẹ tí aṣọ náà ń pe ara rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ oníko, èyí tí a fi ìko so ní kókó-kókó, òdì àti ojú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Okùn ìko fún aṣọ náà mọ́ra látòkèdélẹ̀, nítorí náà ibi tí ó funfun lójú yóò funfun lódì pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alábẹ́rẹ́, tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí a tó rẹ ẹ́, àyàfi pé ihò abẹ́rẹ́ sábà máa ń hàn lẹ́bàá àwọn ìlà funfun rẹ̀.

Kàǹpálà tí a fi ìda yíyọ́ ṣe náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìda gbígbóná a máa mu wọ inú aṣọ títí dé òdì, nítorí náà àwòrán yóò hàn ní ìhà méjèèjì.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Lááfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi álọ́ọ̀mù sí i. Ìyẹ́ adìẹ ni aládìrẹ fi ń ya àwòrán, tàbí kí ó fi páànù tí a gé ihò àwòrán sí lára tẹ ẹ̀kọ náà sórí aṣọ. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí. Bí aṣọ bá wọ inú aró, kò sí ohun tí ó dáàbò bo òdì, aró yóò sì wọ ibẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, òdì àdìrẹ ẹlẹ́kọ dúdú ni, àwòrán ojú rẹ̀ sì lè hàn níbẹ̀ fírífírí bí òjìji, tàbí kí ó má tilẹ̀ hàn níbì kan. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé aṣọ náà ní àbùkù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí po. Lára aṣọ ẹ̀rọ, òdì máa ń fúyẹ́ ju ojú lọ. Lára ẹlẹ́kọ, òdì máa ń dúdú ju ojú lọ. Lára oníko àti kàǹpálà, ìhà méjèèjì dọ́gba. Nítorí náà, kí ẹ má béèrè pé ṣé àwòrán hàn lódì. Ẹ béèrè pé ṣé aró dé òdì.

Etí méjì ni ó wà

Etí àkọ́kọ́ ni etí àwòrán, ìyẹn ẹnu ààlà ibi tí aró ti pàdé funfun. Ẹ fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà títí ẹnu ààlà kan yóò fi gba gbogbo ojú fóònù yín.

Lára oníko, ẹ kò ní rí ìlà. Aró yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀, láti dúdú sí búlúù, láti búlúù sí fífúyẹ́, títí yóò fi di funfun. Àmì okùn yóò hàn bí òrùka tín-ínrín, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yóò sì máa jáde láti àárín bí ìtànṣán oòrùn, nítorí pé aṣọ ká jọ níbi tí okùn ti fún un. Kò sí òrùka méjì tí yóò dọ́gba, nítorí ọwọ́ tí ó so wọ́n kò lè fún okùn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lára ẹlẹ́kọ, ìlà wà, ṣùgbọ́n ìlà ọwọ́ ni. Yóò nípọn níbi tí ìyẹ́ adìẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ, yóò sì tín-ínrín bí ẹ̀kọ ti ń tán lórí rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ kò ti nípọn tó, aró díẹ̀ yóò ti jí wọlé, funfun ibẹ̀ yóò sì ní búlúù fífúyẹ́ nínú. Bí ó bá jẹ́ ti páànù, ẹ ó rí àwọn afárá kéékèèké tí ó já àwòrán sí wẹ́wẹ́, nítorí pé páànù kò lè dúró bí gbogbo ihò rẹ̀ bá wọnú ara wọn. Irú páànù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àdìrẹ Jùbílì tí ó ní àwòrán ọba àti ayaba, nígbà ayẹyẹ ọdún 25 Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní 1935.

Lára aṣọ ẹ̀rọ, ẹnu ààlà máa ń mú bí ojú abẹ. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣe bí oníko, kì í ní aró tí ó ń ṣí. Ó ní láti fi ẹ̀tàn ṣe é. Ohun tí ẹ ó rí bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ ni tótòtó wẹ́wẹ́ tí ó sún mọ́ra níbi dúdú tí ó sì jìnnà síra níbi fífúyẹ́, tàbí búlúù mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn.

Etí kejì ni etí aṣọ fúnra rẹ̀, gbọọrọ etí tí a hun dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó má baà tú. Odindi aṣọ ni a rì bọ inú aró, nítorí náà etí àdìrẹ yóò mu aró bí ara rẹ̀ yòókù. Lára aṣọ ẹ̀rọ, àwọ̀ sábà máa ń dúró gán-án kí ó tó dé etí, yóò sì fi ìlà funfun tóóró sílẹ̀ lọ títí. Nígbà mìíràn orúkọ ilé-iṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀, tàbí òǹtẹ̀ róbótó kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan balẹ̀ síbi tí ó yẹ.

Àwọn kan á ní kí a wo ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó tò sí etí, pé àmì ẹ̀rọ ni. Ẹ má gbé ìdájọ́ lé e. Aṣọ funfun tí àwọn aládìrẹ ń rà, ilé-iṣẹ́ ni ó ti wá, ẹ̀rọ tí ó na án nílé-iṣẹ́ ti lè fi ihò yẹn sílẹ̀ kí aládìrẹ tó rí i rárá.

Ẹ̀rí tí ó dá mi lójú jù ní ibi etí ni òwú. Níbi tí wọ́n ti gé aṣọ, kí aláṣọ fa òwú kan yọ láti ibi dúdú. Òwú aṣọ tí a rẹ yóò dúdú yíká gbogbo ara rẹ̀. Òwú aṣọ tí a tẹ yóò ní dúdú àti funfun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ara ẹyẹ awó, nítorí pé ibi tí òwú mìíràn ti bò ó mọ́lẹ̀ nígbà ìtẹ̀wé kò rí àwọ̀ kankan.

Aṣọ mẹ́ta, fọ́tò mẹ́fà

Àbúrò mi obìnrin kan ń múra ìgbéyàwó. Ó fẹ́ fi àdìrẹ ṣe aṣọ ẹbí fún ogójì ọ̀rẹ́, ọ̀pá márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 200 ọ̀pá. Aláṣọ kan ní Erékùṣù fi fọ́tò aṣọ mẹ́ta ránṣẹ́, ó sì pe iye kan náà lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye àfọwọ́ṣe. Àbúrò mi fi àwọn fọ́tò náà ṣọwọ́ sí mi kí ó tó san àsansílẹ̀.

Mo ní kí ó fi ìránṣẹ́ ohùn ránṣẹ́ sí aláṣọ náà báyìí: “Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ká igun aṣọ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, kí ojú, òdì àti etí wà nínú fọ́tò kan. Kí ẹ wá ya fọ́tò kejì tí ó gba ọ̀pá kan gbáko.” Obìnrin náà kò janpata. Fọ́tò mẹ́fà dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aṣọ kìíní ni àbúrò mi fẹ́ràn jù. Aró dúdú ni, ó ní òrùka funfun ńlá tí àwọn kéékèèké yí ká, bí òṣùpá láàrin ìràwọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní òṣùbàm̀bá. Oníko ni ó ń pe ara rẹ̀, nítorí náà òdì gbọ́dọ̀ jọ ojú. Òdì rẹ̀ jẹ́ búlúù eérú tí ó ṣí. Ìlà funfun kan wà létí aṣọ, ó sì gún régé. Èyí tó láti fura, ṣùgbọ́n fọ́tò ọ̀pá kan ni ó parí ẹjọ́. Mo wá àbùkù kan: òrùka kan wà tí ìtànṣán rẹ̀ já ní apá òsì, tí tótó dúdú kan sì wà lábẹ́ ibi tí ó ti já. Mo wá ìbejì rẹ̀ kiri ojú aṣọ náà. Mo rí i ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìtànṣán tí ó já ní apá òsì àti tótó dúdú lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn a máa ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àbùkù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Agolo tí ń yí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lára wọn ń yí po ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 64, ọ̀pá kan sì ju 91 lọ díẹ̀; ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè fọ́tò ọ̀pá kan gbáko, kí ìbejì lè ráyè hàn.

Aṣọ kejì ni àbúrò mi ti fẹ́ kọ̀. Ẹyẹ àti ewé ni ó wà lójú rẹ̀, nínú àwọn ilé onígun mẹ́rin. “Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. Ayédèrú nìyí.” Mo ní kí ó tún un wò. Òdì náà kò funfun. Ó dúdú ju ojú lọ. Etí aṣọ dúdú bíi ti ara rẹ̀. Àwọn ẹyẹ méjì tí ó dojú kọra kò dọ́gba, ìrù ọ̀kan gùn, ìlà ẹsẹ̀ èkejì sì ń tín-ínrín lọ títí ó fi pòórá. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi ni, tí a fi ìyẹ́ yà.

Aṣọ kẹta ni ó le jù láti dá mọ̀. Ìhà méjèèjì dọ́gba, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ bí ti ilẹ̀ tí ó sán sì wà káàkiri rẹ̀, irú èyí tí aró ń fà nígbà tí ó bá gba inú ìda tí ó ti sán wọlé. Ẹnikẹ́ni á ní kàǹpálà ni. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ní ìlà funfun pẹ̀lú lẹ́tà ilé-iṣẹ́, àwọn òdòdó rẹ̀ sì ń tún ara wọn ṣe ní àlàfo kan náà. Áńkárá ni, irú èyí tí ẹ̀rọ fi ohun bí oje igi tẹ̀ sí ìhà méjèèjì kí wọ́n tó rẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Họ́láńdì ti ń ṣe é láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìsán ara rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Àwòrán rẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Lójú irú aṣọ yìí, òdì nìkan ìbá ti ṣì wá lọ́nà.

Nígbà tí àbúrò mi fi èsì náà tó aláṣọ létí, obìnrin náà kò jiyàn. Ó ní òun kò pe èyíkéyìí ní àfọwọ́ṣe, àdìrẹ ni òun pè wọ́n. Ó dín iye aṣọ kìíní àti ẹ̀kẹta kù. Àbúrò mi mú aṣọ kìíní fún àwọn ọ̀rẹ́ ní iye aṣọ ẹ̀rọ, ó sì ra ọ̀pá mẹ́wàá nínú ẹlẹ́kọ fún ìyá rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú aṣọ ẹ̀rọ bí a bá san owó aṣọ ẹ̀rọ.

Fọ́tò tí ó ṣeé dájọ́ fún

Fọ́tò tí kò dára lè ba gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láti ẹ̀gbẹ́ ni ó dára jù, kí wọ́n pa iná fóònù, nítorí iná máa ń fọ ojú aṣọ funfun. Kí aṣọ tẹ́ sórí nǹkan. Bí aláṣọ bá gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú rẹ̀ kọjá, òdì aṣọ ẹ̀rọ yóò sì dà bí ẹni pé ó mu aró. Mo ti rí fọ́tò tí ó tan ènìyàn jẹ báyìí láìsí pé aláṣọ mọ̀.

Kí wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì HD lórí WhatsApp, nítorí fọ́tò tí a fún pọ̀ máa ń fọ́ sí igun mẹ́rin wẹ́wẹ́ bí a bá fẹ̀ ẹ́, ojú tí kò mọ̀ ọ́n yóò sì pè é ní tótòtó ẹ̀rọ. Àmì ìyàtọ̀ kan wà: tótòtó ẹ̀rọ kì í kọjá sí ibi tí kò sí àwòrán, ṣùgbọ́n igun mẹ́rin fọ́tò yóò hàn lára tábìlì àti lára ìka aláṣọ pẹ̀lú.

Ibì kan wà tí fọ́tò kò lè kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń rẹ odindi aṣọ ní búlúù, wọn a sì fi ẹ̀rọ tẹ oògùn tí ń ṣí aró sí i ní àwòrán. Òdì irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ dúdú, òwú rẹ̀ pẹ̀lú dúdú yíká, yóò sì dúró bí ẹlẹ́kọ níwájú yín. Àbùkù tí ó ní ìbejì nìkan ni yóò tú u fó. Bí fọ́tò ọ̀pá kan kò bá fi ìbejì hàn, ẹ béèrè fọ́tò ọ̀pá méjì. Bí aláṣọ bá kọ̀ láti na aṣọ náà dé ọ̀pá méjì, ẹ wọkọ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà fúnra yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì bá a fa òwú kan yọ.